Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: dírọ́pááòtù àti títètè dúró nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́

Ọmọ Kóòdù:
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo lọ kẹ́yìn, fún iṣẹ́ kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti fi dátà kẹ́kọ̀ọ́, obìnrin tó jókòó níwájú mi ní kí n ṣàlàyé dírọ́pááòtù. Mo ti há a sórí dáadáa. Mo ní, "Bí a bá ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a máa ń pa àwọn níúrọ́nù kan lẹ́nu mọ́ láìṣa ẹni tó kàn, kí ìkankan wọn má baà gbára lé ẹnìkejì jù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sì máa há dátà sórí." Ó mi orí. Ọkàn mi balẹ̀.

Ló bá gbé àwòrán kan síwájú mi. Àṣìṣe lórí dátà ìkọ́ni jẹ́ 0.52, ti dátà ìyẹ̀wò jẹ́ 0.40. Ó ní, "Ṣé ọmọ lè mọ ìbéèrè tí kò rí rí ju èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ?" Mo yára dáhùn pé dátà kan ti gbọ̀nà ẹ̀yìn bọ́ sínú èkejì. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n wo kóòdù náà wò. `nn.Dropout(0.5)` wà níbẹ̀ kedere, mi ò sì ronú kan án.

Ó ní kí n gbé módẹ́lì náà sí ipò ìdánwò, kí n tún ṣírò àṣìṣe lórí dátà ìkọ́ni kan náà:

```python
model.eval()
with torch.no_grad():
    loss = criterion(model(x_train), y_train)
```

Ó já wálẹ̀ sí 0.31. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Nǹkan bí ìdajì àwọn níúrọ́nù ló ń sùn nígbà tí wọ́n kọ 0.52 sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì jí nígbà tí wọ́n kọ 0.40. A ń fi ẹlẹ́sẹ̀ kan bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì sáré. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé láti 0.31 sí 0.40, módẹ́lì náà ṣì ń há dátà sórí díẹ̀, èmi tí mo ti ń wí àwáwí lórí ohun mìíràn. Wọn ò pè mí mọ́.

Aríyìíyọ̀:
Pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n bi èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo ní dírọ́pááòtù ń sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì di kékeré, ìdí nìyẹn tí ìkọ́ni fi máa ń yá. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, a jẹ́ pé mo gbà á.

Ìyá Ìbejì:
Aríyìíyọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ kò sọ ìdáhùn yẹn di òótọ́ o. Ti pé ó ń di kékeré, ó ṣeé gbọ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kéré ló ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kì í yá. Kọ̀ǹpútà ṣì sábà máa ń ṣe gbogbo ìṣirò náà, ó kàn ń sọ èyí tó bá pa di òdo ni. Ìwé tí Srivastava, Hinton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ní 2014 sọ pé ìkọ́ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní dírọ́pááòtù máa ń gba ìlọ́po 2 sí 3 àkókò èyí tí kò ní in.

Èmi ni mo máa ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè níbi iṣẹ́ wa. Mi ò wá ìtumọ̀, gbogbo wọn ló ń gbé ìyẹn wá láti ilé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya níúrọ́nù 10, ìkọ̀ọ̀kan ń fi 1 ránṣẹ́, ẹni tó ń gbà á sì ń fi wéìtì 0.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó rò wọ́n pọ̀. Èló ló gbà? 5. Bí a bá wá pa ìdajì wọn ńkọ́? 2.5, bí a bá dá gbogbo ìgbà pọ̀ pín. Ó dáa, lọ́jọ́ ìdánwò tí gbogbo wọn bá jí padà ńkọ́? Ibẹ̀ ni yàrá ti máa ń dákẹ́. 5 ló máa gbà, ìlọ́po méjì ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi 0.5 pín ti àwọn tó ṣẹ́ kù nígbà ìkọ́ni. 1 di 2, àwọn márùn-ún náà á fún un ní 5, ọjọ́ ìdánwò dé, a ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọkùnrin kan bá mi jiyàn gidi pé ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe ọ̀hún. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà sílé. Àṣé ìwé 2014 yẹn ló kà, bó sì ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n ń fi p sọ wéìtì di púpọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, p ibẹ̀ sì jẹ́ ìṣeéṣe pé níúrọ́nù á *wà láàyè*. Ti `PyTorch` jẹ́ ìṣeéṣe pé wọ́n á *pa á*. Ní 0.5, ẹnikẹ́ni ò lè fura. Ní 0.2, ẹnì kan ń pa ìdá kan nínú márùn-ún, ẹnìkejì ń pa mẹ́rin. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Àjò:
Ẹ má bínú, mo rò pé àwa tí a fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí ni ẹ ń pè ní dírọ́pááòtù. Mo ti kọ ìtàn gígùn tán kí n tó ka èyí. Ẹ máa bá tiyín lọ.

Onísùúrù:
Títètè dúró ló kó bá èmi. Mo ní tí àṣìṣe ìyẹ̀wò bá ti ń gòkè, kí a dá ìkọ́ni dúró. Ọ̀gá náà kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sójú pátákó, ọ̀kan fún ìyípo kọ̀ọ̀kan: 0.61, 0.48, 0.43, 0.41, 0.44, 0.42, 0.45, 0.47. Ó ní, "Dá a dúró." Mo nawọ́ sí ìkarùn-ún. Ó ní, "Ìkẹfà ti tún wá sílẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ìkeje ò ní jẹ́ 0.38?"

Mo wá rántí sùúrù, iye ìyípo tí a máa fi dúró wò ó bóyá àṣìṣe á tún wálẹ̀ ju èyí tó kéré jù lọ. Mo ní ká fún un ní mẹ́ta. Ó ní kí n kà á. Ìkarùn-ún, ọ̀kan. Ní ìkẹfà mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látọ̀tun torí 0.42 kéré sí 0.44, àmọ́ 0.41 la fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì kọjá ìyẹn, ó di méjì. Ìkeje, mẹ́ta, ó dúró. A ò tiẹ̀ dé ìkẹjọ.

"Módẹ́lì wo lo wá ń gbé lọ sílé?" Mo ní ti ìkẹrin. Ó ní kí n kọ ọ́:

```python
EarlyStopping(monitor="val_loss", patience=3)
```

Ó rẹ́rìn-ín. Nínú `Keras`, tí o ò bá kọ `restore_best_weights=True`, ti ìkeje ló wà lọ́wọ́ rẹ, 0.45. Mo gba iṣẹ́ náà, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí kóòdù iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń gbé wéìtì tí kì í ṣe èyí tó dáa jù fún wọn, mi ò sì mọ̀.

Aríyìíyọ̀:
Èmi ò kì í lo dírọ́pááòtù mọ́ níbi iṣẹ́. Títètè dúró tó, kò sì ná mi ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì:
Mi ò bá ọ jà. Àmọ́ tí o bá lo méjèèjì, fi kún sùúrù náà, torí dírọ́pááòtù máa ń jẹ́ kí àṣìṣe rọra sọ̀ kalẹ̀, mẹ́ta lè pa á kó tó bẹ̀rẹ̀. Títètè dúró náà sì ń ná ọ ní nǹkan. 0.41 ti Onísùúrù yẹn, òun ló ṣà á nínú méje, kò lè gbé e jáde bíi máàkì módẹ́lì rẹ̀. Dátà mìíràn tí ìkankan nínú yín ò fọwọ́ kàn ló máa sọ ìyẹn.

Ọmọ Kóòdù:
Ẹ̀gbọ́n, ìlà 300 péré ni dátà tí mo ní. Tí mo bá gé ti ìyẹ̀wò, tí mo tún gé ti ìdánwò, kí ló kù tí mo fẹ́ fi kọ́ ọ?

Onísùúrù:
Èmi máa ń pín in sí márùn-ún, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe ìyẹ̀wò nígbà tiẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń dúró. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan dúró ní ìyípo 12, òmíràn ní 31. Tí mo bá wá fẹ́ fi gbogbo dátà kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibo ni kí n dúró sí? Èyí tó bọ́ sáàárín ni mo máa ń mú, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn rí.

Ìyá Ìbejì:
Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Mo ti bi èèyàn mẹ́ta ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún mi, mo sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síṣẹ́.