Ọndansẹtírọ́ọ̀nù fún ọmọ tó ń bì: ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ìyá Fèyí, Àdìgbẹ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bì lóru. Kílẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ti dé. Ohun tó bá ti kan ẹnu rẹ̀, títí kan oó-áà-ẹ́sì, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, ló ń dà padà. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kútọ̀. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan oògùn. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n gbé ọmọ gun òṣùwọ̀n: 72.5. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí èmi nìkan tún gùn ún: 61.5. Kílò 11 lọmọ nìyẹn. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, ó wo bóyá omijé wà lójú rẹ̀, ó bi mí ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Ó tiẹ̀ ní kí n na aṣọ tí ọmọ bì sí fún òun, ó wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ìgbà náà ló tó dárúkọ ọndansẹtírọ́ọ̀nù, oògùn tó ń dá èébì dúró, ó ní mílígíráàmù 2 ni ti ọmọ tó bá wọn kílò 8 sí 15. Tó bá ti kọjá 15 dé 30, mílígíráàmù 4. Ẹni tó bá ju 30 lọ, 8, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó lò ó.

Mo ní ìgò tèmi nínú báàgì, èyí tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan. Dókítà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Lára tèmi, mílígíráàmù 2 ló wà nínú mílílítà 5. Lára tiwọn, mílígíráàmù 4 ló wà nínú mílílítà 5 kan náà. Bí mo bá fi síbí tí mo mọ̀ bu tiwọn, ìlọ́po méjì lọmọ ìbá mu. Mílílítà 2.5 ni wọ́n fi sirínjì fà fún un.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti ìgò yẹn, màmá. Òun ló máa ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Ẹlòmíì á ní "síbí kan" fún aládùúgbò, kò sì ní béèrè irú ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lẹ ṣe lẹ́yìn tó mu ún?

Ìyá Fèyí, Àdìgbẹ:
Wọ́n ní ká dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, síbí kékeré kan oó-áà-ẹ́sì ní ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí n má ṣe gbé kọ́ọ̀bù sí i lẹ́nu bó ti wù kó máa sunkún rẹ̀ tó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kó mu bíi mílílítà 800 láàárín wákàtí mẹ́rin nítorí pé omi ara rẹ̀ ti ń tán. Ọwọ́ ro mí, àmọ́ omi náà dúró. Ó tọ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Láfẹ́nwá:
Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún tiwa, a kò gun òṣùwọ̀n kankan. Oògùn yẹn dára púpọ̀ o. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni kí ẹ máa fún un títí ìgbẹ́ á fi dá. Ọmọ ọdún méjì làwọn ìbejì mi, a fún wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, èébì dá ní ọjọ́ kìíní. Ìgbẹ́ ló kọ̀ tí kò lọ, ó tún ń pọ̀ sí i ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Bàbá Ìbejì, òótọ́ ni pé ó ń dá èébì dúró. Àmọ́ kì í dá ìgbẹ́, ó tilẹ̀ lè mú kí ìgbẹ́ pọ̀ sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó jọ pé ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ìdí tí a fi ń fún ọmọ ni kí omi lè ráyè dúró nínú rẹ̀. Tí omi bá ti ń wọlé, iṣẹ́ oògùn ti parí, ó ku oó-áà-ẹ́sì, ọmú àti síńkì. Tó bá bì í jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó mu ún, a lè tún un fún un lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣì ń bì lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ní ti ọjọ́ orí, mo ti rí ọmọ ọdún méjì tó wọn kílò 9 àti èyí tó wọn 16. Mílígíráàmù 2 ni ti ọ̀kan, 4 ni ti èkejì.

Abíyamọ Ọbáńtókò:
Ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú oyún oṣù méjì, èmi náà ń bì láràárọ̀. Ṣé kílò mi ni máa lò?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Rárá o, ìyá. Ti ọmọdé tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ là ń sọ. Ti oyún yàtọ̀ pátápátá. Ẹ bá àwọn tó ń tọ́jú oyún yín sọ ọ́, ẹ má lo ohun tí ẹ kà níbí.

Ìyá Àgbà Ìtòkú:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ-ọmọ mi, ọmọ oṣù méje. Èébì ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ní inú ló ń ṣe é. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ládùúgbò ti fẹ́ fún un ní oògùn èébì yìí. Ẹkún ọmọ náà ni kò yé mi. Á ké tìrora-tìrora, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí ikùn, á sì dákẹ́ lójijì, á rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀. Kò ní pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ohun tó ń bì di àwọ̀ ewé. Mo ní ẹ gbé e, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Kí a tó débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti wà nínú napí rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀: ìfun kan ló wọ inú èkejì. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti ń sáré káàkiri ilé báyìí, a dúpẹ́.

Apòògùn Òkè-Ìlewó:
Màmá, ẹ kú orí ire. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ọndansẹtírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wa. Á dá èébì dúró díẹ̀, ará ilé á rò pé ara rẹ̀ ti ń yá, ìfun á sì máa bàjẹ́ lọ. Èébì àwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀, ikùn tó wú tó le, ọmọ tó ṣubú fi orí gbálẹ̀ kó tó máa bì, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ gan tàbí tí kò mọ ẹni mọ́: èmi kì í tà á fún ìkankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, àti ẹni tí wọ́n ti sọ pé lílù ọkàn rẹ̀ kò dọ́gba láti ìbí.

Bàbá Ìbejì, Láfẹ́nwá:
Kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ èébì?

Apòògùn Òkè-Ìlewó:
Oògùn náà lè fa àkókò tí ọkàn fi ń múra sílẹ̀ láti lù padà gùn. Fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń gbé pọ̀táṣíọ̀mù lọ, ìyẹn náà ń yọ ọkàn lẹ́nu. Àwọn oògùn mìíràn tún ń ṣe irú rẹ̀: kìnínì, ẹrirọmáísìnì, àti oògùn ibà tó ní lumẹfántíríìnì nínú, èyí tó wà ní ilé gbogbo wa.

Ìyá Fèyí, Àdìgbẹ:
Ha! Ọmọ tó ní ibà tó tún ń bì oògùn ibà náà jáde ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Ibẹ̀ lẹnu wa kò ti kò. Dókítà kan tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń fún un lẹ́ẹ̀kan kí oògùn ibà lè dúró. Òmíràn kì í gbà láìkọ́kọ́ yẹ ọkàn wò.

Apòògùn Òkè-Ìlewó:
Èmi kì í dá a ṣe. Ọmọ tó bá ń bì oògùn ibà jáde léraléra, abẹ́rẹ́ ibà ló yẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni mo ń darí rẹ̀ sí.

Àǹtí Ṣàpọ́n:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, oṣù mẹ́sàn-án, kílò 7 ààbọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:
Kò tíì wọ inú ìwọ̀n tí a ń lò, àǹtí. Ẹ má dín mílígíráàmù 2 kù fúnra yín. Ẹ máa fi síbí fún un ní oó-áà-ẹ́sì, kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú, kí ẹ sì gbé e lọ fún dókítà nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú.