Ọdẹ orí, alárinà, àbí afojúsóde? Ọ̀rọ̀ láàrin àwọn tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu; ìlú kálukú la fi pè é

Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń mójú tó owó ní ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Èkó, ó ní ilé iṣẹ́ kan ló gbé iṣẹ́ fún òun kí òun bá wọn wá ọ̀gá àgbà, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Òun ò gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà ò tó nǹkan, Yorùbá la fi ń kọ̀wé síra. Kí ni kí n pe irú iṣẹ́ rẹ̀? Níbi tiwa, "ọdẹ orí" la ń pè é, láti inú Faransé. Báwo ni mo sì ṣe lè sọ pé n kò wáṣẹ́, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́?

Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ má kọ "ọdẹ orí" sínú ìwé yẹn, orí tí wọ́n bẹ́ ni ẹni tó bá kà á yóò rò. Alárinà ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà, bí ẹ bá sì mojú ara yín tán, á yẹ̀ba.

Kétu: Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ti owó kò jẹ́ kó wọlé. Ìgbà tí ìyàwó bá wọlé la máa ń fún alárinà ní nǹkan. Irú ẹni tó kọ̀wé sí arákùnrin wa yìí ti ń gba owó kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń bù fún un. Bí ipò náà bá ń san mílíọ̀nù 36 sẹ́fà lọ́dún, mílíọ̀nù 12 ni tirẹ̀: mẹ́rin nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nígbà tó kó orúkọ àwọn tó yẹ kalẹ̀, mẹ́rin lẹ́yìn náà. Kò sì ní yẹ̀ba, òun ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ owó lọ síwá-sẹ́yìn títí wọn yóò fi fọwọ́ síwèé. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í rí kọ́bọ̀ àfi tí wọ́n bá gba ẹni tí wọ́n mú wá. Àwọn yẹn ni alárinà bá mu.

Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣáájú alárinà: ìfojúsóde. Ẹbí ọkọ á máa wo ọmọ tó wù wọ́n níbi tó wà, ọmọ náà kò ní mọ̀. Nítorí náà, *afojúsóde* ni mo pè é. Orúkọ yẹn tún ń rán wa létí pé ẹbí ọkọ, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó rán an, ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Àjàṣẹ́, ẹlòmíràn: Ìyá Kétu, ọmọ mi gboyè lọ́dún tó kọjá, kò tíì ríṣẹ́. Ẹ bá mi gba nọ́ńbà ọkùnrin Èkó yẹn.

Kétu: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á pèsè. Irú wọn kì í bá ẹni tó ń wáṣẹ́ wá a. Ẹni tí wọ́n rán wọn wá sí ni wọ́n ń lọ bá, lórí ìjókòó rẹ̀.

Arákùnrin mi, ẹ má kọ "mo ti gbọ́, kò burú" o. Ohun tí èmi kọ nìyẹn nígbà kan. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, mo ti gbà. Ó mú sévé mi, ìwé tó sọ iṣẹ́ tí mo ti ṣe, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó rán an. Ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ọ̀gá mi fi pè mí wọ yàrá, tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Iṣẹ́ tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, n kò wá òmíràn, ṣùgbọ́n mo lè fetí sí ọ̀rọ̀ yín. Mo fẹ́ mọ ilé iṣẹ́ tó rán yín, àti bóyá ẹnì kan ṣì jókòó sórí ipò náà. Ẹ má dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa mi, àfi tí mo bá kọ̀wé gbà. Àdírẹ́sì yìí ni kí ẹ máa lò."

Àdírẹ́sì tiyín ni o, kì í ṣe ti bùrò.

Ṣábẹ̀ẹ́: Ó lè má dárúkọ ilé iṣẹ́ náà.

Kétu: Nínú ìwé àkọ́kọ́, kì í sábà dárúkọ rẹ̀, pàápàá tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá mọ̀ pé wọ́n ń wá arọ́pò òun. Kó sọ irú òwò tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe tóbi tó, kó wá fẹnu dárúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Àmọ́ ẹ má fún un ní sévé kó tó dárúkọ.

Ṣábẹ̀ẹ́: Mo gba afojúsóde. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sanwó fún ṣáájú ńkọ́? Ẹ ò ní pè é ní "afojúsóde àsansílẹ̀"? Létí tèmi, ó dà bí ẹni ra káàdì fóònù.

Kétu: Èmi náà ò rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Àjàṣẹ́: Mo ti fi ránṣẹ́ láti fóònù mi. Mo fẹ́ fi "àṣírí ni o" kún un, mo yọ ọ́, ó dà bí ẹni pé mo ṣe ohun ìtìjú. "Bòókẹ́lẹ́" ni mo kọ. Ó ti fèsì: ẹnì kan ṣì wà lórí ipò náà.