Màmá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi eré ìdárayá mi ní Kábà

Àǹtí Bùnmi (Lọ́ńdọ̀nù, mo wà nílé báyìí)
Òkun o, gbogbo ilé. Ọkàn mi ò balẹ̀. Látìgbà tí mo ti dé Kábà ni mo ti ń kó àwọn ará àdúgbò wa jọ láàárọ̀ Sátidé. Àga oníke àti ìgò omi la ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lánàá a sùn sórí ẹní, à ń gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo ní kí wọ́n dìde. Màmá kan fò dìde, ojú wọn ṣú, wọ́n di ògiri mú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò. Ṣé kí n gbà wọ́n padà? Èló ni kí n sì máa gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń wá?

Ṣèyí, Dọ́blìn
Ebi ni, Àǹtí. Ẹ fún wọn ní tíì.

Ìyá Tóbi, Tòróńtò
Mo sọ fún bàbá kan nínú ilé wa níbí pé kí wọ́n má lo oògùn láàárọ̀ eré, kí òòyì má baà kọ́ wọn. Orí ló fọ́ wọn. A wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 196 lórí 112. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wá gbé wọn. Ọmọ wọn ò kí mi di òní.

Ṣèyí
Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló burú?

Kẹ́mi nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Ó burú, Ṣèyí. Dókítà nìkan ló lè yí oògùn padà.
Àǹtí Bùnmi, ìdìde kíá ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ sẹ́sẹ̀, kò tètè gun orí, oògùn náà sì lè dá kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó dìde. Tàbí kí ẹ fi ẹní sílẹ̀: ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri, torí àga oníke a máa yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n máa mí síta bí wọ́n bá ń dìde. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ já geere ti ṣe jù. Tí ẹ bá parí, ẹ rìn yíká jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má dúró gbọn-in.
Kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọn ìfúnpá wọn. Bó bá tó 180 lórí 110, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe eré. Bí wọ́n bá dákú tàbí àyà ń dùn wọ́n, bákan náà.

Dúpẹ́, Tòróńtò
Ikùn tèmi ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sá eré lórí yìnyín yìí.

Ìyá Tóbi
Iyán Ìsánlú ló wà níbẹ̀, Dúpẹ́!

Dúpẹ́
Ẹ̀yin ará Kábà, ẹ tún dé. Ta ló gún iyán tó jẹ́ kó dán tó tiwa?

Àǹtí Bùnmi
Ẹ ṣé, Kẹ́mi. Màá ya ẹ̀rọ ìfúnpá lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ta oògùn. Owó ńkọ́?

Ṣèyí
Àǹtí, ṣé odó ti ń dún níbẹ̀ báyìí? Ẹ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.