Màmá mi kì í sùn lóru mọ́, àwọn ọmọ náà ò sì rí oorun sùn

Ìyá Fọlá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Màmá mi, ẹni ọdún 79, ti yàtọ̀ sí ẹni tí mo mọ̀. Láago kan òru, wọ́n á dìde, wọ́n á máa fa ilẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn àlejò kan dúró síbi fèrèsé. Yàrá kan náà ni àwọn àti ọmọbìnrin mi tó ń múra ìdánwò jọ ń sùn. Orí ìwé lọmọ ń sùn sí ní kíláàsì báyìí. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 4, ti ń sá fún ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ò ráyè. Àbúrò mi obìnrin ní èmi ni mo ní kí Màmá wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ náà ti kìlọ̀ fún mi. Ṣé kí n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lóru?

Bàbá Ìbejì: Ìyá tó bí ẹ lo fẹ́ tì mọ́lé? Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó wá gbé ìyá rẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́: Iyè ló ń ra, ọjọ́ orí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá ọkọ mi ṣe rí, ó tó ọdún mẹ́ta kó tó le. Tanná sí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má sì fún wọn lómi mọ́ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọn ò ní dìde.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ìyá Fọlá, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń dáa láàárọ̀ kó tó tún dé lálẹ́? Ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa, ìgbà wo ni wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn? Oògùn wo ni wọ́n ń lò, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín?

Ìyá Fọlá: Bàbá Ìbejì, ẹ ò mọ ohun tójú mi ń rí. Nọ́ọ̀sì, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ṣáájú ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló ń ṣírò owó wọn. Nígbà mìíràn láàárọ̀, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á tiẹ̀ bèèrè ìdánwò ọmọ. Ìgbẹ́ ti tó ọjọ́ mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Iyè kì í sábà ra láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Rànrán ni eléyìí jọ, ohun kan nínú ara ló sì sábà máa ń fà á: àrùn inú ìtọ̀, àìmumi tó, ìgbẹ́ tó há, tàbí oògùn. Bó bá jẹ́ arúgbó ni, àrùn lè wà lára láìsí ibà rárá. Ní kí wọ́n ka orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ń ṣìnà lẹ́yìn méjì, ọkàn wọn ò lè dúró sójú kan nìyẹn. Ẹ má sì fi omi dù wọ́n. Ọ̀sán ni kí wọ́n ti mu èyí tó pọ̀ jù, àfi bí dókítà bá ti fi ìwọ̀n sí i nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. O ò tíì dáhùn ti oògùn.

Àǹtí Dúpẹ́: Ohun tí mo fojú rí ni mo sọ.

Bàbá Ìbejì: Tìyá ọkọ tìẹ kọ́ la ń sọ.

Ìyá Fọlá: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n ń lò, ó ti pẹ́. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ mi kékeré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oògùn olómi tí wọ́n fún un máa ń jẹ́ kó sùn, ni mo bá fún Màmá ní ṣíbí kan kí gbogbo wa lè sinmi. Nígbà tí kò mú wọn sùn, mo sọ ọ́ di méjì, mo tún ń fi ọ̀kan kún un láàárọ̀. Oògùn ọmọdé ni, kò lè le.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Kà á lára ìgò bóyá o máa rí kulọfẹniramínì.

Ìyá Fọlá: Ó wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Má fún wọn mọ́. Ó ń kun ọmọ lóorun lóòótọ́, àmọ́ ọpọlọ arúgbó kì í sábà gbà á. Ó máa ń dà á rú, á jẹ́ kí ẹnu gbẹ, á há ìgbẹ́, kò sì ní jẹ́ kí àpò ìtọ̀ lágbára láti tu ìtọ̀ dànù. Ìtọ̀ á kún, á máa kán díẹ̀díẹ̀, ara ò ní rọ̀ wọ́n, wọ́n á máa dìde, ìwọ á tún fi ṣíbí kan kún un. Má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ dáadáa kẹ́yìn?

Ìyá Fọlá: Láàárọ̀ àná. Láti ìgbà náà, ó kàn ń kán ni. Abẹ́ ìdodo wọn le, wọn ò sì fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ lọ sílé ìwòsàn báyìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn wà níbẹ̀. Mú ìgò méjèèjì dání, kí o sọ iye ṣíbí láìbò ó. Rànrán lè lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá wá ku ìgbàgbé sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìgbà yẹn la ó tó máa wo ti iyè tí Àǹtí Dúpẹ́ sọ.

Ìyá Fọlá: Ta ló máa jókòó ti àwọn ọmọ?

Àǹtí Dúpẹ́: Pe àbúrò rẹ. Má sọ pé kó wá ràn ẹ́ lọ́wọ́, á ní òun ò ráyè. Sọ pé: "Wá jókòó ti àwọn ọmọ láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ yìí, Màmá ò lè tọ̀."

Ìyá Fọlá: Mo pè é, kò gbé e. Mo ti ń wọ Màmá láṣọ. Mo tún ń pè é.