Tiransifọ́mà méjì, fólítéèjì ìpìlẹ̀ tí kò bára mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ má bínú bọ́rọ̀ yìí bá gùn díẹ̀.

Mò ń ṣírò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan ní pa-yúníìtì. Tiransifọ́mà àkọ́kọ́ jẹ́ 132/34.5 kV. Ìkejì, tó wà ní ìparí wáyà, jẹ́ 33/11 kV, 15 MVA, ìmpídáǹsì rẹ̀ 10%. Mo fi 100 MVA àti 132 kV ṣe ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ wáyà àárín wá di 34.5 kV. Báyìí ni mo ṣe yí ìmpídáǹsì ti ìkejì sí ìpìlẹ̀ yìí:

0.10 × (100/15) × (33/34.5)² = 0.610

Mo fi óòmù yẹ̀ ẹ́ wò: 7.26 Ω ní apá 33 kV, mo pín in fún 11.9 Ω, 0.610 náà ló jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní 0.667 ni, àmọ́ ó jọ pé MVA nìkan ló yí.

Apá ìsàlẹ̀ ló wá dà mí láàmú. Tí mo bá tẹ̀lé ìpín tiransifọ́mà, ìpìlẹ̀ ibẹ̀ á di 11.5 kV, bẹ́ẹ̀ 11 kV ni wọ́n kọ fún lóòdù. Ṣé mo lè fi 11 kV ṣe ìpìlẹ̀ níbẹ̀, kí n fi táàpù bíi 1.045 dí àlàfo náà, àbí dandan ni 11.5?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.