Ibà lọ lọ́jọ́ kẹrin, ó padà lọ́jọ́ kẹfà

Ìyá Àgbà: Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, ni fúlúù dá dúbúlẹ̀. Ó ṣeré láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ara rẹ̀ ti ń jó, tẹmómítà ka 39.4. Ó ní gbogbo ara ń dun òun. Mo ń fún un ní parasítámọ́ọ̀ olómi, kì í ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń bu omi fún un, torí tó bá mu ún gbàgà, yóò bì í. Mo sì ń ṣọ́ bó ṣe ń tọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ibà lọ, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín. Àfi lálẹ́ ọjọ́ kẹfà tí ibà tún dé. Ó ti sùn, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó sùn. Mo ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, mo gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ka bí ikùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 52. Mo tún un kà: 54. Gbogbo ìgbà tó bá fa èémí sínú ni abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé. Mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fi nǹkan kékeré kan tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó ka 89 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní òtútù àyà ti mú un. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó fún un ní oògùn mímu. Ìyá rẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá ti rí irú èyí, ẹ sọ tiyín.

Àdùkẹ́: 54 ẹ̀wẹ̀! Màmá, ẹ kú ìtọ́jú.

Bàbá Tọ́pẹ́: Ẹ ò bá ti fún un ní oògùn apakòkòrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì bá tí wọ àyà. Èmi máa ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù sílé.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Fúlúù kì í gbọ́ oògùn yẹn rárá. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé fúlúù á ti ṣe inú ọ̀nà èémí léṣe, kòkòrò mìíràn á wá rí àyè wọlé. Ìyẹn ni oògùn náà ń bá jà, ibà tó lọ tó tún padà sì jẹ́ àmì rẹ̀ pàtàkì kan. Ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá ń mí tó ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níṣẹ̀ẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ. Ti ọmọ oṣù 2 sí 11, ó di 50. Nígbà tó bá dákẹ́ tàbí tó sùn ni kí ẹ kà á, kì í ṣe nígbà tó ń sunkún.

Bàbá Tọ́pẹ́: Kí ló wá dé tí ti tèmi fi ń yá?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ibà fúlúù sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ lo oògùn, ẹ ò lò ó.

Káyọ̀dé: Ọmọ ogójì ọdún ni mí, ikọ́ fúlúù mi ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé kí n máa ka tèmi náà ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Iye tí mo kọ yẹn, ti ọmọdé ni. Ikọ́ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn fúlúù. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí bá ń kúrú, ẹ lọ.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ìgò parasítámọ́ọ̀ olómi ló fẹ́ kó bá tèmi. Èyí tí mo mọ̀ ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Ọkọ mi ra òmíràn dé, 250 ló wà nínú mílílítà 5 kan náà. Mo ti fa 7.5 sínú sírínjì bí mo ṣe máa ń ṣe kí ojú mi tó bá ara ìgò. Ìlọ́po méjì ni ǹ bá fún ọmọ mi.

Àdùkẹ́: Háà! Mo ń lọ wo tèmi báyìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń bá Màmá wí ò ṣe dáadáa. Ká ní wọ́n lọ lọ́jọ́ kìíní, ilé ni wọn ì bá ní kí wọ́n máa lọ.

Olúṣọlá: Mi ò gbà tán. Oògùn fúlúù gan-an wà, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ mi ní ikọ́ fée, mi kì í dúró dọ̀la.

Ìyá Ìbejì: Tìrẹ yàtọ̀, ọmọ Màmá ò ní ikọ́ fée.

Olúṣọlá: Ta ló máa mọ èyí tó máa wọ àyà?

Ìyá Àgbà: Ẹ ṣé gan-an. Ó sùn tì mí báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni, 28. Ìyá rẹ̀ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.