Ṣíà tí P/E ẹ̀ jẹ́ 4: ṣé ọ̀pọ̀ ni lóòótọ́?

Aláró Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Mi ò ra ṣíà rí. Mo ti tọ́jú ₦300,000, mo fẹ́ fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lórí fóònù, ₦24 ni ṣíà kan, EPS, ìyẹn èrè ọdún kan lórí ṣíà kan, jẹ́ ₦6, P/E, ìyẹn iye ṣíà tí a pín sí èrè náà, jẹ́ 4. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe irú òwò kan náà wà ní 11 àti 13. Ọmọ mi ní ọ̀pọ̀ nìyí. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ń ta aṣọ ní ìdajì iye tí ará ìsọ̀ kejì ń tà á, mo máa ń tú u wò lójú méjèèjì kí n tó sanwó. Kí ni kí n tú wò nínú ti ṣíà?

Ọmọ Lísàbí: Àǹtí, ẹ rà á. P/E 4 túmọ̀ sí pé èrè ọdún mẹ́rin péré ti tó ₦24 tí ẹ máa san. Èyí tí kò bá ti tó 10, ọ̀pọ̀ ni. Kìkì pé tó bá jẹ gbèsè, ẹ sá.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá: Ẹ rí i pé ẹ ní àkáǹtì CSCS, níbi tí wọ́n ń kọ ṣíà yín sí, tó jẹ́ orúkọ yín gan-an o. Bàbá àwọn ọmọ mi yá owó ra ṣíà ní 2008, nígbà tí gbogbo ayé ń rà. Kí 2009 tó dé ìdajì, ohun tó rà kò tó owó tó yá mọ́, bánkì sì ń béèrè tiwọn. Títí dòní ni mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa gba èrè orí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, torí orúkọ orí ìwé kò bá ti bánkì mu.

Akọ̀wé Ìṣirò, Kútọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, kì í ṣe bírókà.

Ọmọ Lísàbí, ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́ bí èrè yẹn bá máa wá lọ́dọọdún. Àǹtí, ẹ ṣí ìwé ìṣirò ọdún wọn lórí ojú òpó NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, kí ẹ wá ìlà `Other income`, owó tí kì í ṣe ti ọjà tí wọ́n ń tà, kí ẹ ka àlàyé tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìwé. Ẹ tún wo `Finance costs` àti `Borrowings`.

Aláró Ìtòkú: Mo rí i. Èrè lẹ́yìn owó orí jẹ́ ₦6 bílíọ̀nù, ṣíà jẹ́ bílíọ̀nù kan. Wọ́n ta ilẹ̀ àti ilé ìkẹ́rù kan, ₦4.5 bílíọ̀nù ni ìyẹn mú wá nínú èrè náà. Èlé orí gbèsè, ₦5 bílíọ̀nù. Gbèsè fúnra ẹ̀, ₦20 bílíọ̀nù. 15 nínú ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín oṣù 12. Owó ọwọ́ wọn jẹ́ 3.

Akọ̀wé Ìṣirò, Kútọ̀: Ẹ ṣeun. Wọn ò lè ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku ₦1.5 bílíọ̀nù, ìyẹn ₦1.50 lórí ṣíà kan. Ẹ wá pín 24 sí 1.50: 16 ni. Ṣíà tí fóònù pè ní 4 wọ́n ju ti àwọn méjì yòókù lọ.

Ti gbèsè, kò sí ìdí láti sá nítorí òun nìkan. Ẹ̀yin náà lè gba aró láwìn kí ẹ sì jèrè. Ohun tí à ń wò ni bóyá òwò lè gbé èlé. Bí a bá yọ ti ilẹ̀, òwò wọn pa ₦7 bílíọ̀nù, èlé kó 5 lọ. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè ₦20 bílíọ̀nù nìyẹn. Bó bá di 30, èlé á di 6, bílíọ̀nù kan péré ló máa kù kí wọ́n tó san owó orí. Èrè ti pín sí méjì, ọjà tí wọ́n ń tà kò sì dín. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù nípa 15 tí wọ́n ní láti san láìpẹ́: ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un yá ní èlé tuntun.

Ẹ wò ó bóyá gbèsè dọ́là wà nínú ẹ̀ náà. Ní 2023, dọ́là kúrò ní nǹkan bí ₦460, ó kọjá ₦900 kí ọdún tó parí. MTN Nàìjíríà àti Nigerian Breweries ń tajà, síbẹ̀ owó dọ́là tí wọ́n jẹ di ńlá ní náírà, àdánù ni àwọn méjèèjì sì kọ sílẹ̀ lọ́dún náà.

Ọmọ Lísàbí: Mo gbà lórí ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó ilẹ̀ san gbèsè ńkọ́? Èlé á dín, èrè tòótọ́ á gòkè.

Akọ̀wé Ìṣirò, Kútọ̀: Òótọ́ ni, mi ò sì ro ìyẹn mọ́ ọn. Àǹtí, mélòó ni gbèsè lọ́dún tó ṣáájú?

Aláró Ìtòkú: ₦19 bílíọ̀nù. Kò dín, ó lé ni. Náírà ni gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Bóyá ìparí ọdún ni wọ́n ta ilẹ̀, tí owó ò tíì wọlé.

Akọ̀wé Ìṣirò, Kútọ̀: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ló máa fi hàn.

Aláró Ìtòkú: Kò tíì jáde. Owó mi ṣì wà ní bánkì. Ní báyìí, mò ń ṣí ìwé èyí tó wà ní 11, kí n wo `Other income` tirẹ̀ náà.